Àká Òfìfo, Àká Títì: Àìtó Ẹ̀jẹ̀ Oríṣi Méjì Tí A Ń Fi Oògùn Kan Ṣoṣo Wò

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ lábù àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ti fẹ́ fi ìdajì wákàtí sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan láti àárín àwùjọ gba àsìkò náà lọ́wọ́ mi. Ẹ ó rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin méjì. Mo ti yí ohun tó lè jẹ́ kí ẹ dá wọn mọ̀ padà.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ẹni ọdún 29, ó ń ta aṣọ òkè. Nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń gba ọjọ́ mẹ́jọ, kò sì lè jókòó ní ìsọ̀ ju wákàtí méjì lọ kó tó lọ pààrọ̀ páàdì. Ìkejì jẹ́ aránṣọ, ẹni ọdún 52. Ó ti ń wúkọ́ fún oṣù mẹ́ta, òógùn ń bò ó lóru, ó ti rù, wọ́n sì ti rí kòkòrò ikọ́ fée nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Pí-sí-fì àwọn méjèèjì, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú 100 ẹ̀jẹ̀ wọn, jẹ́ 26, ó kéré. Ó ń rẹ àwọn méjèèjì, àyà ń já wọn bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, inú ìpéǹpéjú wọn sì funfun. Ìyá aránṣọ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ mi: kápúsù pupa, málítì tí wọ́n po mọ́ mílíìkì, omi poroporo bàbà. Pí-sí-fì rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

A ní kí lábù wọn irin inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ti oníṣòwò aṣọ òkè jẹ́ 20, ti aránṣọ jẹ́ 30, ó sì yẹ kó ju 60 lọ lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Lábù kọ gbólóhùn kan náà sí ìwé àwọn méjèèjì: irin kò tó.

Gbólóhùn yẹn ni mo wá bá jà lónìí. Irin kò tó níbo? Nínú ẹ̀jẹ̀ ni, àbí nínú ara? Ẹni tó bá pa ìbéèrè méjì yìí pọ̀ sọ́kan yóò fún ìyá aránṣọ ní irin títí ọdún yóò fi yí po, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní gòkè. Ilé méjì lè sun àìjẹun lóru ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan, àká rẹ̀ ṣófo. Èkejì, iṣu kún àká dé òkè, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa nítorí olè wà ní àdúgbò. Bí ẹ bá gbé iṣu lọ sí ilé kejì, inú àká tí wọ́n tì ni wọn yóò tún kó o sí.

Ẹ jẹ́ ká ka ìṣirò irin inú ara, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fara pamọ́ sí. Gbogbo irin ara àgbàlagbà kò ju gíráàmù 3 sí 4 lọ, bí ìṣó kan. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Ohun tó ń wọlé láti inú oúnjẹ lójúmọ́ jẹ́ mílígíráàmù 1 sí 2 péré. Bẹ́ẹ̀ ni mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ń béèrè mílígíráàmù 20 sí 25 lójúmọ́. Níbo ni ìyókù ti ń wá?

Alágbẹ̀dẹ kì í sọ ọkọ́ tó gbó nù. Yóò tì í bọ iná, yóò fi rọ òmíràn. Ohun tí ara ń ṣe nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé. Bó bá gbó tán, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọlọ inú àti ẹ̀dọ̀ yóò gbé e mì, wọn yóò yọ irin rẹ̀, wọn yóò sì dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀ kí mùdùnmúdùn lè tún un lò. Mo máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì apalẹ̀mọ́. Àwọn ló ń bọ́ wa ní irin, kì í ṣe abọ́ ọbẹ̀. Oúnjẹ kàn ń dí ihò kékeré tó ń jò ni. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kò fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín: 1 tàbí 2 láti inú oúnjẹ, ó lé ní 20 láti ọwọ́ apalẹ̀mọ́.

Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Irin tó ń rìn nínú omi ẹ̀jẹ̀ nígbàkúùgbà kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 3 lọ. Owó inú àpò ni, kì í ṣe owó inú àpótí. Ó ń wọlé, ó ń jáde lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́ kan. Nítorí náà, bí àwọn apalẹ̀mọ́ bá ṣíwọ́ dídá irin padà, iye tí lábù ń wọ̀n yóò já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin inú ara kò dín rárá. Ẹni tí ibà kọ lù ní àárọ̀ lè gba ìwé "irin kò tó" ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí n kì í fi gba èsì irin inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́ bó bá dá wá.

Ta ló ń ti ilẹ̀kùn? Ẹ̀dọ̀ ni. Irin kò lè jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì kankan sínú ẹ̀jẹ̀ àfi kó gba ẹnu ọ̀nà kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ fẹropọ́tìnì. Ó wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun, níbi tí irin oúnjẹ ti ń wọ̀jẹ̀, ó wà lára apalẹ̀mọ́, ó sì wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ hẹpisídìnì. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Elizabeta Nemeth, Tomas Ganz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé hẹpisídìnì a máa lẹ̀ mọ́ fẹropọ́tìnì, sẹ́ẹ̀lì a sì fa ilẹ̀kùn náà wọlé, a fọ́ ọ túútúú. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí o: kì í ṣe pé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ilẹ̀kùn ti lọ, ògiri ló kù. Kí irin tó tún lè jáde, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn tuntun.

Lára oníṣòwò aṣọ òkè wa, ẹ̀dọ̀ rí i pé irin ti tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe hẹpisídìnì mọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ìfun ń fa irin mọ́ra bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fa omi, àwọn apalẹ̀mọ́ kò sì fi ohunkóhun pamọ́. Kò kàn sí ohun tó lè jáde ni. Mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan tó péye gbé tó ìdajì mílígíráàmù irin. Obìnrin tó ń pàdánù mílílítà 80 lóṣù ń pàdánù mílígíráàmù 40. Ẹ pín in sí ọjọ́ 30: ó ju 1 lọ lójúmọ́, lórí èyí tí gbogbo wa ń pàdánù. Oúnjẹ kò lè bá a.

Lára ìyá aránṣọ, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò ikọ́ fée jà rán iṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀. Ìránṣẹ́ tí a mọ̀ jù nínú wọn ni intalúkìnì-6. Nígbà tí wọ́n fún àwọn ènìyàn tí ara wọn le ní ìránṣẹ́ yìí láti inú iṣan, hẹpisídìnì wọn fò sókè láàárín wákàtí díẹ̀, irin inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kò tún wo àká mọ́ kó tó ti ilẹ̀kùn. Irin tí apalẹ̀mọ́ yọ lára òkú ẹ̀jẹ̀ há sínú rẹ̀. Kápúsù pupa tí ìyá gbé mì dé inú sẹ́ẹ̀lì ìfun, kò rí ọ̀nà kọjá. Sẹ́ẹ̀lì ìfun kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ kó tó re, ó sì gbé irin náà bọ́ sínú ìgbẹ́. Oṣù mẹ́rin owó oògùn, inú ṣáláńgá ló lọ.

Àwọn àgbà ti rí ojú ọ̀rọ̀ yìí kí a tó mọ orúkọ hẹpisídìnì. Láti àárín àwọn ọdún 1940 ni àwọn dókítà Cartwright àti Wintrobe, ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ń kọ ọ́ pé irin inú ẹ̀jẹ̀ alárùn a máa lọ sílẹ̀, àti pé fífún un ní irin kì í gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ni wọn kò tíì rí.

Kí ló dé tí ara fi ń ṣe báyìí sí ara rẹ̀? Nítorí pé àwọn kòkòrò àrùn náà ń jẹ irin. Ní ọdún 1978, àwọn oníṣègùn kan kọ ìròyìn àwọn darandaran ilẹ̀ Sòmálíà 137 tí irin kò tó lára wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní irin, wọ́n fún àwọn ìyókù ní oògùn tí kò ní irin nínú. Ìgbà 7 ni àrùn kọ lu àwọn tí kò gba irin. Ti àwọn tó gba irin jẹ́ ìgbà 36. Lára àwọn tí irin dé bá ni ibà àti ikọ́ fée ti tún jí dìde.

Ẹ má ṣe rò pé ọgbọ́n yìí kò ní àléébù o. Kòkòrò ikọ́ fée kì í gbé inú omi ẹ̀jẹ̀. Inú apalẹ̀mọ́ gan-an ló ń gbé, ibi tí a kó irin sí. Àká tí ẹ̀dọ̀ tì nítorí olè, olè ti wà nínú rẹ̀. Ohun tó máa ń mú mi ronú jù nípa àìsàn yìí nìyẹn.

Ní báyìí, báwo la ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí ìwé lábù? Ẹ wo ọkọ̀ tó ń gbé irin nínú ẹ̀jẹ̀. Tiransifẹ́rìnì lorúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní dánfó. Bí irin bá tán nínú ara, ẹ̀dọ̀ a ṣe dánfó púpọ̀ síta láti máa wá èrò, ìyẹn irin, kiri. Lára oníṣòwò aṣọ òkè, àga tó wà jẹ́ 450, èrò jẹ́ 20: nínú 100 àga, 4 ló ní ènìyàn. Lára aránṣọ, àìsàn ti dín dánfó kù, àga jẹ́ 200, èrò jẹ́ 30: nínú 100, 15 ló ní ènìyàn. Méjèèjì kéré sí 20 tí a ń fẹ́. Àmọ́ ọ̀kan jẹ́ ìdíkọ̀ tí ọkọ̀ òfìfo kún, èkejì jẹ́ ìdíkọ̀ tí ọkọ̀ pàápàá kò pọ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ lábù, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ iye èrò ránṣẹ́ sí wa láìkọ iye àga.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fẹ́rítìnì, èròjà tí ara ń di irin sí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, òun la fi ń mọ bí àká ṣe kún tó. Ti oníṣòwò jẹ́ 6, ti aránṣọ jẹ́ 410. Ẹ fi èyí sọ́kàn: fẹ́rítìnì tó lọ sílẹ̀ kì í purọ́. Bó bá kéré sí 15 lára àgbàlagbà, irin ti tán, kò sí àlàyé mìíràn. Fẹ́rítìnì tó dára tàbí tó ga ló ń purọ́, nítorí àìsàn fúnra rẹ̀ máa ń gbé e sókè.

Àwọn kan á ní kí a wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi tó. Òótọ́ ni pé àìtó irin ń mú kí sẹ́ẹ̀lì kéré, kí pupa rẹ̀ sì dín, nígbà tí ti àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ sábà máa ń wà bó ṣe yẹ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa nílẹ̀ yìí ló jogún alífà talasíímíà tí kò pa wá lára, tó sì ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kéré láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Bí wọ́n bá fi sẹ́ẹ̀lì kékeré nìkan dájọ́, ẹ má gbà. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí òótọ́ pẹ̀lú ojúyòójú, ẹ fa mùdùnmúdùn, kí ẹ pa á láró tó ń mú irin di búlúù. Ti oníṣòwò kò ní ní búlúù rárá. Ti aránṣọ, apalẹ̀mọ́ yóò dúdú bí àdìrẹ, àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì ní ní ẹyọ kan. Oúnjẹ wà lẹ́bàá ẹnu, ọwọ́ kò tó o.

Ibí yìí ni mo dé tí nọ́ọ̀sì kan fi nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní: "Ẹ ṣé, Dókítà. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni, sà. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n, ọdún kẹsàn-án nìyí tí làkúrègbé ti ń dà wọ́n láàmú, gbogbo oríkèé ọwọ́ wọn ló wú. Pí-sí-fì wọn jẹ́ 27. Fẹ́rítìnì wọn jẹ́ 58, lábù ní ó dára. Wọ́n sọ fún wa pé kì í ṣe àìtó irin, pé làkúrègbé ló fà á, kí a lọ fara balẹ̀. Pẹ̀lú ohun tí ẹ ń sọ yìí, ṣé kí a fara balẹ̀ lóòótọ́?"

Mo bi nọ́ọ̀sì náà pé oògùn wo ni màmá ń lò fún ìrora. Wọ́n ní díkílófénákì, lójoojúmọ́, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Mo bi wọ́n bí ìgbẹ́ màmá ṣe rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ó máa ń dúdú nígbà mìíràn, wọ́n rò pé ẹ̀fọ́ ni.

Mo pa ìwé tí mo ń kà dé. Ẹ̀yin ará, ohun tí n kò tíì sọ nìyí, òun ló sì yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Àká lè wà ní títì kó sì tún ṣófo. Àìsàn lè ti ilẹ̀kùn níwájú, kí ẹ̀jẹ̀ máa jò lẹ́yìn. Fẹ́rítìnì irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ méjì tó ń fà á: àìtó irin ń fà á wálẹ̀, àìsàn ń tì í sókè, ó sì dúró sí àárín, ní 58, ó ń dibọ́n bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ ní ọdún 2020 pé kí a gbé ààlà sókè fún àgbàlagbà tí àrùn wà lára rẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ ń wú, tó ń gbóná bíi ti onílàkúrègbé: kì í ṣe 15, 70 ni. Màmá wà lábẹ́ rẹ̀. Fún ẹni tó ní àrùn kíndìnrín tàbí ti ọkàn, àwọn oníṣègùn tilẹ̀ ń lo 100.

Kí ló lè dá ẹjọ́ náà? Ẹ bi mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀. Bí ebi irin bá ń pa àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, wọn a yọ ẹnu púpọ̀ síta láti fi gba èrò lára dánfó, àwọn ẹnu náà a sì máa já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, níbi tí a ti lè kà wọ́n. Lára ẹni tí àìsàn nìkan ń dà láàmú, iye wọn kì í ga. Àyẹ̀wò náà wà, ṣùgbọ́n lábù díẹ̀ ló ń ṣe é, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ní ti màmá, n kò ní dúró dè é. Díkílófénákì ojoojúmọ́ lè dá egbò sí inú àpòlúkù. Ìgbẹ́ tí oògùn irin bá sọ di dúdú máa ń le, ó máa ń fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Ìgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ máa ń lẹ̀ bí ọ̀dà, òórùn rẹ̀ a sì máa bo yàrá. Màmá kò tíì gbé irin kankan mì. Mo ní kí wọ́n dá díkílófénákì dúró lọ́jọ́ náà, kí dókítà tó ń tọ́jú làkúrègbé wọn fún wọn ní nǹkan mìíràn, kí wọ́n sì lọ fi ẹ̀rọ wo inú àpòlúkù kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù mí nígbà yẹn, nítorí náà mo sáré sọ ìtọ́jú. Oníṣòwò aṣọ òkè: oògùn irin kan ṣoṣo, ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí ni pé irin tó tó mílígíráàmù 60 lẹ́ẹ̀kan máa ń gbé hẹpisídìnì sókè fún nǹkan bí ọjọ́ kan, ti ọjọ́ kejì kò sì ní rí ààyè wọlé dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ tí a ń kọ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ń ba inú wọn jẹ́ ju bó ṣe ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọn lọ. Kí wọ́n má fi omi tíì gbé e mì. Bí pí-sí-fì kò bá gòkè tó 3 sí 6 láàárín oṣù kan, ẹ wá ìdí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pé tán, kí wọ́n máa lò ó fún oṣù mẹ́ta sí i kí àká lè kún. Ní pàtàkì, ẹ wá ohun tó ń mú nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀.

Ìyá aránṣọ: oògùn ikọ́ fée. Irin kọ́. Bí àrùn náà bá ti ń rọlẹ̀, ìránṣẹ́ yóò dákẹ́, ẹ̀dọ̀ yóò sinmi, apalẹ̀mọ́ yóò kan ilẹ̀kùn tuntun, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irin tó ti kó pamọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, pí-sí-fì wọn ti di 33, a kò fún wọn ní hóró irin kan.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣì ń sọ pé kí a fún gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ní irin, pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ rántí Pemba, erékùṣù kan ní Zanzibar, lórílẹ̀-èdè Tànsáníà. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ tí wọ́n fún ní irin àti fólíìkì áásìdì, níbi tí ibà ti pọ̀ gan-an, wọ́n kú tàbí wọ́n dèrò ilé ìwòsàn ju àwọn tí kò gbà á lọ, débi tí wọ́n fi dá apá yẹn nínú iṣẹ́ náà dúró ní ọdún 2003. Bí ibà bá wà lára ọmọ, ẹ wo ibà náà sàn ná. Ìfun ọmọ náà yóò tún ṣílẹ̀kùn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà yẹn ni irin ń ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì náà tẹ̀ mí láago ní ọjọ́ kẹsàn-án. Wọ́n ti rí egbò méjì nínú àpòlúkù màmá, ọ̀kan ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí pé làkúrègbé ti ti ilẹ̀kùn ìfun, a fún wọn ní irin láti inú iṣan, wọ́n sì ń lo oògùn egbò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin pí-sí-fì wọn jẹ́ 31. Kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí oríkèé ọwọ́ wọn ṣì wú.